Èjìká Ọdẹ àti Ìtapadà Ìbọn

  Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ ni ọ̀rọ̀ ìtapadà ìbọn: ìdí tí ìbọn fi ń gbáni léjìká nígbà tí a bá yìn ín, àti ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ ẹni tó ń gbẹ́ igi ìbọn àti ẹni tó ń ṣe ohun èlò ẹnu ìbọn láti fi mú kí ó rọni lọ́rùn. N kò ní sọ̀rọ̀ nípa gbogbo ìbọn. Ràífù tí wọ́n fi ń ṣọdẹ ni mo mú, inú ràífù náà sì ni mo ti mú ẹyọ kan tí a ó jọ yẹ̀ wò fínnífínní.

Ẹyọ náà ni ràífù tó ń lo katiriji tí wọ́n ń pè ní .30-06. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló gbà á wọlé ní ọdún 1906, ibẹ̀ ni 06 tó wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀ ti wá. Kò pẹ́ tí àwọn ọdẹ fi sọ ọ́ di tiwọn, títí di òní ni wọ́n sì ń fi í pa àgbọ̀nrín àti ẹranko tó jù ú lọ ní Amẹ́ríkà, ní Yúróòpù àti ní gúúsù Áfíríkà. Mo yàn án nítorí pé orí ààlà ni ìtapadà rẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló lè fara dà á bí ìbọn bá bá ara wọn mu. Bí kò bá bá ara wọn mu, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó parí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Igi ìbọn kì í dín ìtapadà kù. Ibi tí yóò gbà wọ ara ẹni, àti bí yóò ṣe yára wọlé tó, ni igi ìbọn ń tún ṣe. Ohun èlò ẹnu ìbọn ń dín in kù ní tòótọ́, ṣùgbọ́n etí ló ń san gbèsè rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí yóò máa náwó sí ibi tí kò ti dùn ún.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìtapadà ti ń wá. Ẹni tó bá ti fò láti inú ọkọ̀ ojú omi kékeré bọ́ sí èbúté rí mọ̀ pé bí òun ṣe ń lọ síwájú ni ọkọ̀ ń lọ sẹ́yìn, àti pé bí ọkọ̀ bá ṣe fúyẹ́ tó ni yóò ṣe sáré sẹ́yìn tó. Isaac Newton kọ òfin ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ní 1687. Ohun tí òfin náà wí ni pé, tí nǹkan méjì bá ti ara wọn, ipá tí ọ̀kan gbà lọ síwájú ni èkejì yóò gbà lọ sẹ́yìn, láìlé, láìdín. Bí a bá fẹ́ mọ iye ipá-ìrìn tí nǹkan ní, ìwúwo rẹ̀ ni a ó fi sọ eré rẹ̀ di púpọ̀.

Ọta .30-06 kan tí ọ̀pọ̀ ọdẹ ń lò wúwo tó gíráàmù 11.7. Eré tó ń sá bó ṣe ń jáde lẹ́nu ìbọn tó nǹkan bíi mítà 820 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣirò rẹ̀ nìyí:

0.0117 × 820 = 9.6

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró sí, wọ́n á ní ọta ló ta ìbọn sẹ́yìn. Wọ́n gbàgbé ẹtù. Ẹtù tó wà nínú katiriji náà tó gíráàmù 3.6, kò sì sí ibi tí yóò lọ ju ẹnu ìbọn náà lọ. Ó ti jóná di gáàsì gbígbóná, ó ń tẹ̀ lé ọta lẹ́yìn, nígbà tí ọta bá sì kúrò lọ́nà, ó máa ń tú jáde pẹ̀lú eré tó ju ti ọta fúnra rẹ̀ lọ, nǹkan bíi mítà 1,200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tiẹ̀ nìyí:

0.0036 × 1200 = 4.3

Àpapọ̀ wọn jẹ́ 13.9. Ẹ wò ó dáadáa: ẹtù tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo ọta ló ń mú nǹkan bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìtapadà wá. Àwọn ọdẹ wa tó ń lo ṣakabùlà mọ èyí láìka ìwé kankan. Wọ́n mọ̀ pé bí ọwọ́ bá wúwo níbi ẹtù, èjìká ni yóò jẹ́jọ́ rẹ̀, bí ọta tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ kò tilẹ̀ yàtọ̀ sí ti àná. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ipa ti gáàsì yìí sọ́kàn, nítorí òun nìkan ni ohun èlò ẹnu ìbọn lè mú. Ọta ti lọ ní tirẹ̀. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí ipá tó ti fi sílẹ̀ lẹ́yìn.

Ká ní ràífù náà wúwo kílò 3.6. Bí a bá pín 13.9 sí 3.6, a ó rí i pé ìbọn náà ń bọ̀ wá bá èjìká pẹ̀lú eré bíi mítà 3.9 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Agbára tó gbé dání tó júùlù 27. Ti ọta fúnra rẹ̀ sún mọ́ 4,000. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ń pa ẹran lọ́ọ̀ọ́kán kò fi pa ẹni tó yìn ín: ipá-ìrìn ni wọ́n pín dọ́gba, wọn kò pín agbára dọ́gba, nítorí pé eré ni agbára fẹ́ràn jù. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po mẹ́rin.

Ohun kan tún wà tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Ọta kì í lò ju díẹ̀ lé ní ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ nínú ọ̀pá ìbọn. Láàárín àkókò yẹn, ràífù tí a ń sọ yìí kò tíì sún sẹ́yìn ju mìlímítà méjì lọ. Ìyókù ìrìn rẹ̀, gbogbo ohun tí èjìká àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń gbọ́, ẹ̀yìn tí ọta ti jáde ló ń ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọdẹ bá ṣi ẹran yìn nítorí pé ìbọn ń gbá a, kì í ṣe ìgbáni náà ló mú ọta ṣìnà. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ni. Ara rẹ̀ ti gbọ̀n, ojú rẹ̀ ti dì, kí tírígà tó já.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí igi ìbọn.

Bí ìbọn ṣe ń bọ̀ sẹ́yìn, ojú ìlà kan ló ń tọ̀, ìyẹn ìlà ọ̀pá ìbọn. Èjìká tó ń dá a dúró kì í sábà wà lórí ìlà yẹn. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló máa ń wà. Agbára ń ti òkè bọ̀, ohun tó ń dá a dúró wà nísàlẹ̀, ìbọn kò sì lè ṣe kí ó má yí. Ẹnu rẹ̀ á gbé sókè, òkè igi ìbọn á sì gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí àlàfo tó wà láàárín ìlà ọ̀pá àti àárín ìdí ìbọn bá ṣe jìn tó ni yíyí náà yóò ṣe le tó.

Àwọn ràífù àtijọ́ ti Amẹ́ríkà máa ń tẹ̀ wálẹ̀ gan-an níbi igi wọn. Wọn kò fi àìmọ̀kan ṣe bẹ́ẹ̀. Irin kékeré tó wà lókè ọ̀pá ni wọ́n fi ń wo ẹran, irin náà kò sì ga, nítorí náà igi ní láti lọ sílẹ̀ kí ojú lè bọ́ sí ipò rẹ̀. Ìdí ìbọn tún jẹ́ irin tó tẹ̀ bí oṣù tuntun, kò fẹ̀, etí rẹ̀ méjèèjì sì mú. Nígbà tí ẹtù dúdú kò tíì ní agbára púpọ̀, èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹtù tuntun tí kì í rú èéfín dé, igi àtijọ́ kò bá a yí padà kíá. Ìbọn Winchester ti 1895 tó ń lo katiriji .405, irú èyí tí Theodore Roosevelt gbé lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1909, ti gba orúkọ láàárín àwọn ọdẹ pé ó ń gbáni ju bó ṣe yẹ lọ. Katiriji náà lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n igi tó tẹ̀ wálẹ̀ àti ìdí tí kò fẹ̀ ló fi kún un.

Awò tí wọ́n ń gbé lé orí ìbọn ló yí ọ̀rọ̀ padà. Awò ga ju irin ìwòran lọ, nítorí náà ojú gbọ́dọ̀ gòkè, igi ìbọn sì lè tọ́ gbọnrangandan láìda ojú láàmú. Igi tó tọ́ mú kí àárín ìdí ìbọn sún mọ́ ìlà ọ̀pá. Ìbọn á wá máa bọ̀ tààrà sẹ́yìn dípò kí ó máa fò sókè. Ẹni tó kọ́kọ́ yìn ín lè sọ pé èjìká òun gbọ́ ọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òótọ́ ló sì sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti bọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló sì ń kọ́ ènìyàn ní ìbẹ̀rù jù.

Roy Weatherby, tó dá ilé iṣẹ́ ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ ní Kalifóníà ní 1945, ṣe ohun kan sí i tí mo kà sí ọgbọ́n gidi. Katiriji rẹ̀ yára púpọ̀, ó sì ń gbáni. Lórí ràífù Mark V rẹ̀, ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń sinmi lé kò dọ́gba: ó ga lápá ẹ̀yìn, ó ń dà sílẹ̀ bó ṣe ń lọ síwájú. Nígbà tí ìbọn bá ń sún sẹ́yìn, apá iwájú tó rẹlẹ̀ ló ń dé abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Igi náà ń sá fún ojú dípò kí ó máa lọ gbá a. Ẹ fi ọwọ́ tọ́ igi ìbọn yín láti ẹ̀yìn lọ síwájú. Bí ó bá ń ga sí i bó ṣe ń lọ síwájú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín yóò máa jẹ ìyà tí kò yẹ kó jẹ.

Rọ́bà tí wọ́n ń fi sí ìdí ìbọn ńkọ́? Òun náà kì í dín júùlù kan kù nínú 27 yẹn. Ó ń fún èjìká ní àyè láti gbà á díẹ̀díẹ̀ ni. Ká sọ pé, láìsí rọ́bà, ara ń dá ìbọn náà dúró láàárín sẹ̀ǹtímítà méjì. Ipá tí yóò máa tẹ èjìká ní àkókò yẹn yóò tó ìwúwo kílò 138. Ká wá sọ pé rọ́bà tó dára rọ̀ wọlé ní sẹ̀ǹtímítà kan sí i, kí gbogbo rẹ̀ di mẹ́ta. Ipá náà á já wálẹ̀ sí kílò 92. Sẹ̀ǹtímítà kan péré ló gba kílò 46 kúrò lórí egungun. Ṣùgbọ́n rọ́bà tó ti pẹ́, tí oòrùn ti gbẹ, tó le bí igi, kì í rọ̀ wọlé mọ́. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá gbà fún àtàǹpàkò, ọ̀ṣọ́ lásán ló kù tó ń ṣe.

Bí ìdí ìbọn ṣe fẹ̀ tó náà ṣe pàtàkì, nítorí ipá kan náà tí a tẹ́ sórí àyè tó fẹ̀ kì í dunni bí èyí tó kó ara jọ sójú kan. Mo ti rí àwọn tí wọ́n ra rọ́bà olówó iyebíye, tí wọ́n sì gé etí rẹ̀ kúrò kí ó lè bá igi tín-ín-rín mu. Wọ́n gé àǹfààní rẹ̀ dànù mọ́ etí náà. Bákan náà ni àwọn tí wọ́n lẹ rọ́bà tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 mọ́ igi láìgé igi náà kúrò ní ìwọ̀n kan náà. Láti tírígà dé ìdí ìbọn, sẹ̀ǹtímítà 34 tàbí 35 ni ọ̀pọ̀ ràífù ilé iṣẹ́ máa ń jẹ́. Bí rọ́bà bá sọ ọ́ di 37, ìdí ìbọn kò ní rí ibi jókòó sí ní kòtò èjìká mọ́, orí iṣan apá ni yóò lọ jókòó sí.

Ní ti ìwúwo, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Bí ràífù wa bá kúrò ní kílò 3.6 tó di 4.1, agbára ìtapadà á kúrò ní 27, á sún mọ́ 24. Ìdínkù gidi nìyẹn, kò sì ní ariwo. Ẹni tó ń yìnbọn níbi ìdíje kò ní kà á sí. Ẹni tó máa gbé e gun òkè láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ yóò kà á sí.

Ó wá kan ohun èlò ẹnu ìbọn. Èyí tí wọ́n ń lò jù ni bíréèkì, irin kékeré oníhò tí wọ́n ń wé mọ́ orí ọ̀pá ìbọn. Ọta ń gba àárín rẹ̀ kọjá láìfara kàn án, ṣùgbọ́n gáàsì tó ń tẹ̀ lé e ń lu ògiri inú rẹ̀, ó sì ń gba ihò ẹ̀gbẹ́ jáde. Bí gáàsì ṣe ń lu ògiri náà ló ń fa ìbọn síwájú.

Ẹ rántí 4.3 tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni bíréèkì rí mú. Nígbà tí ọta ṣì wà nínú ọ̀pá, gáàsì ti ń bá a rìn, ó sì ti ná nǹkan bíi 1.5 nínú ipá rẹ̀. 2.8 tó kù ni ó ń jáde lẹ́yìn tí ẹnu ìbọn ti ṣí. Bí bíréèkì bá lè darí gbogbo gáàsì yẹn sí ẹ̀gbẹ́, àpapọ̀ 13.9 á di 11.1. Eré ìbọn á di mítà 3.1, agbára rẹ̀ á sì di júùlù 17. Láti 27 sí 17! Ìdá kan nínú márùn-ún ni a yọ kúrò nínú ipá-ìrìn, síbẹ̀ agbára fi ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ sílẹ̀. Kò sí bíréèkì tó ń mú gbogbo gáàsì tán. Díẹ̀ máa ń tẹ̀ lé ọta gba ihò àárín lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ihò wọn dá sẹ́yìn díẹ̀ máa ń gbà lára èyí tó sá lọ padà, nítorí gáàsì tó ń lọ sẹ́yìn ń ti ìbọn síwájú.

Láti inú ìṣirò yìí, ẹ ó rí ìbọn tí bíréèkì yóò ràn lọ́wọ́ jù: èyí tí ẹtù rẹ̀ pọ̀ ju bí ọta rẹ̀ ṣe wúwo lọ. Ìbọn tí ọta rẹ̀ wúwo gan-an, tí ẹtù rẹ̀ kò pọ̀, kò ní rí ohun púpọ̀ gbà níbẹ̀.

Gbèsè rẹ̀ ńkọ́? Ariwo ni. Ràífù tí kò ní bíréèkì gan-an ti kọjá dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 140, ìwọ̀n tí ìró ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti lè ba etí jẹ́ títí ayé. Ìró tí ì bá bá ọta lọ síwájú ni bíréèkì ń yí sí ẹ̀gbẹ́ àti sẹ́yìn, sí etí ẹni tó ń yìnbọn àti etí ẹni tó dúró tì í. Ní gúúsù Áfíríkà, ọ̀pọ̀ atọ́nà ọdẹ kò fẹ́ rí i rárá, nítorí àwọn àti atọpasẹ̀ ẹran ló ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlejò, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í sì í ní àyè láti bo etí. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ìgbáni a máa rọlẹ̀ lọ́la. Etí tó bá ti lọ kì í padà.

Ihò àárín rẹ̀ tún gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ọta lọ díẹ̀, nǹkan bíi ìdajì mìlímítà, kí ó sì wà lójú ìlà ọ̀pá gan-an. Bí ẹni tó wé e bá wé e wọ́, ọta á máa ha ògiri rẹ̀. Àmì rẹ̀ ni pé ọta tó ń pé jọ sójú kan tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n káàkiri, tí ẹ sì rí àmì dídán tuntun lápá kan ihò náà. Ẹ má yìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì wà bó ṣe yẹ, ibi tí ọta ń bà lè yí díẹ̀ nígbà tí ẹ bá wé bíréèkì mọ́ ọn tàbí tí ẹ yọ ọ́, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ tún ojú awò ṣe.

Sàílẹ́ńsà wà ní ipò àárín. Ó ń há gáàsì mọ́ inú agolo rẹ̀, ó ń jẹ́ kí ó tutù kí ó tó jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ó ń dín ìtapadà kù, bí kò tilẹ̀ tó bíréèkì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó tún ń fi ìwúwo kún ẹnu ìbọn kí ó má baà gbéra, ó sì ń dín ariwo kù dípò kí ó fi kún un. Àwọn ọdẹ àgbọ̀nrín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Skọ́tíláǹdì ń lò ó gan-an. Òfin ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ẹni tó lè ní in. Ẹ bèèrè kí ẹ tó rà á.

Báwo wá ni ẹni kan ṣe máa mọ èyí tó kan òun? Ara fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Bí ara bá dúdú lórí iṣan apá dípò kòtò èjìká, igi ìbọn ti gùn jù tàbí ẹ kò gbé e síbi tó yẹ. Bí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń dunni, igi ti tẹ̀ jù, tàbí ìrísí ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń sinmi lé kò dára. Bí awò bá gé ìpéǹpéjú, igi kúrú jù tàbí awò ti sún mọ́ ojú jù. Ọ̀pọ̀ awò ràífù ń fẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án láàárín ara rẹ̀ àti ojú. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí bíréèkì lè wò sàn.

Ní ti ìbẹ̀rù, àyẹ̀wò kan wà tí kì í purọ́. Ní ibi ìyìnbọn, ẹ ní kí ẹlòmíràn máa bá yín ki ìbọn, kí ó máa fi katiriji òfo, èyí tí kò ní ẹtù rárá, pọ̀ mọ́ àwọn tòótọ́ láìsọ fún yín. Nígbà tí tírígà bá já lórí òfo, ẹnu ìbọn yẹ kí ó dúró jẹ́ẹ́. Bí ó bá rì sílẹ̀, tàbí tí ó fò lọ sí ẹ̀gbẹ́, ìbọn kò gbá yín o. Ẹ̀yin lẹ ti ń sá fún un ṣáájú. Ẹni tó bá rí èyí kí ó padà sí ìbọn kékeré bíi .22, kí ó máa yìn ín títí ọwọ́ yóò fi balẹ̀, kí ó tó tún gbé .30-06.

Tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi ibi tí ẹ ó kọ́kọ́ náwó sí, èsì mi kò yí padà: ẹ gbé ìbọn lọ fún ẹni tó mọ igi gbẹ́, kí ó wọn apá àti ọrùn yín, kí ó sì fi rọ́bà tuntun sí i. Ẹ yìn ín fún ìgbà díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ṣì ń le jù fún yín, ẹ wá ronú nípa ẹnu ìbọn. Bí ẹ bá sì pinnu láti lo bíréèkì, mo bẹ̀ yín, ẹ fi èdídí sínú etí, kí ẹ tún gbé ìbòtí lé e lórí, ẹ rí i dájú pé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ti ṣe bákan náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan tírígà.